Géèmù Kékeré fún Ẹni tí Géèmù Ńlá ti Sú

Àárẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ara, tí oorun kò sì lè wò, tó máa ń mú ẹni tó ti ń ta géèmù láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi di géńdé. Yóò ra apá kẹfà géèmù tó ti ta apá márùn-ún rẹ̀ tán, yóò fi dátà tó tó ná oṣù kan fà á wọ inú ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, yóò tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní í pẹ́ kí ó tó rí i pé kò sí ohun tó ń bọ̀ tí òun kò mọ̀. Ó mọ ilé ìṣọ́ gíga tí yóò gùn kí ilẹ̀ tó hàn. Ó mọ àgọ́ ọ̀tá tí yóò yọ́ wọ̀. Ó mọ ewé àti awọ ẹran tí yóò máa ṣà jọ kí àpò rẹ̀ lè gba ẹrù sí i. Ó tilẹ̀ mọ ìgbà tí ọ̀rẹ́ tó ń bá a rìn yóò dalẹ̀. Lóòótọ́ àwòrán rẹ̀ rẹwà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, omi ń dán, irun ẹṣin ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó mú páàdì lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún wákàtí kò fi dandan jẹ́ ọgọ́rùn-ún wákàtí ìgbádùn.

Kí a tó dá àwọn tó ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tó so wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 2023, nígbà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan gbé ilé-iṣẹ́ Microsoft lọ sí kóòtù nítorí pé ó fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ Activision Blizzard, ilé-iṣẹ́ Sony kó àwọn ìwé kan wá sí ilé ẹjọ́, wọn kò sì pa àwọn ibi àṣírí inú wọn rẹ́ dáadáa. Níbẹ̀ ni ayé ti rí i pé mílíọ̀nù 220 dọ́là ni wọ́n ná sórí The Last of Us Part II, àti pé mílíọ̀nù 212 dọ́là ni wọ́n ná sórí Horizon Forbidden West. Apá kejì ni àwọn méjèèjì. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá na irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò jẹ́ fi dán èrò tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí wò. Ohun tó tà lánàá ni yóò tún ṣe lónìí, yóò fi ilẹ̀ kún un, yóò fi ohun ìjà kún un, yóò sì fi wákàtí kún un, kí ẹni tó rà á má baà sọ pé owó òun ṣòfò. Ìbẹ̀rù owó ló bí àtúnṣe, àtúnṣe ló sì bí ìsúni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé géèmù kọ́ ló sú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó sú u ni pé kò sí nǹkan tí yóò yà á lẹ́nu mọ́, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọn kò ní owó ńlá, tí wọ́n ń ṣe géèmù tó dúró lórí òfin kan ṣoṣo, tí géèmù náà sì máa ń parí nígbà tí òfin yẹn bá ti sọ gbogbo ohun tó ní í sọ. Àwa tí a bí sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ayò kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, àti àṣẹ pé kí o kó ọmọ inú ihò kan kí o sì máa fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọmọdé a máa kọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú, síbẹ̀ ọ̀ta àti ọ̀pẹ kò lè jókòó pẹ́ sídìí ọpọ́n kan náà kí ìyàtọ̀ wọn má hàn. Ẹni tó dá ayò sílẹ̀ kò fi ọ̀pọ̀ nǹkan kún un. Ìwọ̀nba tó tó ló fi síbẹ̀, ó sì fi ìyókù lé orí àwọn tó ń ta á lọ́wọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi.

Èyí tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò fínnífínní nínú irú àwọn géèmù bẹ́ẹ̀ ni Minit, tó jáde ní ọdún 2018. Ènìyàn mẹ́rin ló ṣe é: Jan Willem Nijman, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tó ti fi àwọn géèmù kéékèèké gba orúkọ tẹ́lẹ̀, Kitty Calis, tó ti lọ́wọ́ sí Horizon Zero Dawn, ìyẹn géèmù ńlá tí Horizon Forbidden West olówó gọbọi jẹ́ apá kejì rẹ̀, Jukio Kallio tó ṣe orin rẹ̀, àti Dominik Johann tó ya àwòrán rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Devolver Digital ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọ̀ méjì péré, dúdú àti funfun, ni gbogbo àwòrán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí omi tó ń dán tàbí irun ẹṣin tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì f'ádìẹ.

Òfin rẹ̀ nìyí. Ìwọ ni ẹ̀dá kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tó jí nínú ilé rẹ̀ tí ajá rẹ̀ sì wà nítòsí. O jáde, o rìn lọ sí etíkun, o rí idà kan nílẹ̀, o sì mú un. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé ègún wà lára idà náà. Láti ìgbà tí o bá ti mú un ni òǹkà kan yóò ti yọ lókè ojú ẹ̀rọ, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá 60 sẹ́yìn. Bó bá kan òdo, ìwọ yóò kú, lẹ́yìn náà ìwọ yóò jí nínú ilé rẹ, òǹkà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 60. Bí ayé rẹ yóò ti máa rí nìyẹn títí di òpin: ìṣẹ́jú kan, ikú kan, ìṣẹ́jú kan, ikú kan. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán ọ ni pé kí o wá ọ̀nà dé ilé-iṣẹ́ tó ń rọ irú àwọn idà bẹ́ẹ̀, kí o sì fi òpin sí ègún náà.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí lè rò pé ìyà ni, pé géèmù tó ń pa ènìyàn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yóò máa lé ènìyàn kiri ni. Ohun tí kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ikú kì í gba ohun èlò tí o bá ti rí lọ́wọ́ rẹ, kò sì lè gba ohun tí o ti mọ̀. Idà tí o mú ní ìṣẹ́jú kìíní ṣì wà lọ́wọ́ rẹ ní ìkejì, ìwọ yóò sì fi gé igbó tó dí ọ̀nà. Kọfí tí o bá mu ní ibì kan yóò fún ọ lágbára láti ti àpótí tí o ti bá lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ tí o sì fi sílẹ̀. Ohun ìbomirin tí o bá rí yóò wúlò níbi tí iná ti ń jó. Tọ́ọ̀ṣì yóò jẹ́ kí o lè wọ ibi tó ṣókùnkùn. Bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ yóò sì sọ omi tó ti jẹ́ ààlà fún ọ di ọ̀nà. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé nínú Minit ni ẹni tó ń sáré tuurutu lẹ́yìn ikú kọ̀ọ̀kan. Àgbà ni ẹni tó jókòó nínú ilé fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, tó ń bi ara rẹ̀ pé, kí ni mo rí kí n tó ṣubú, kí sì ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi báyìí lè ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí òfin kan ṣoṣo yìí ṣe tún gbogbo ohun yòókù ṣe. Nítorí pé ìṣẹ́jú kan ni ayé rẹ, àwọn tó ṣe géèmù náà kò lè fi ohunkóhun sí ibi tí ìrìn rẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ sí ibùsùn. Nítorí náà ni kò fi sí aginjù tí ènìyàn ń fi ìdajì wákàtí là kọjá, tí kò sì sí ìránṣẹ́ tó ní kí o lọ ṣa ewé ogún wá. Kò sí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kan tí wọn kò ronú lé lórí kí wọ́n tó fi í síbẹ̀. Bí ìrìn-àjò bá sì ti fẹ́ gùn jù, ìwọ yóò rí ilé mìíràn lọ́nà, ìwọ yóò wọ inú rẹ̀, láti ìgbà náà lọ ibẹ̀ ni ìwọ yóò ti máa jí. Nínú géèmù ńlá, ilé tuntun jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù kalẹ̀ sí. Nínú Minit, ilé tuntun jẹ́ ìṣẹ́gun, nítorí pé gbogbo ohun tó wà ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan sí i, tí ọwọ́ rẹ kò lè tó lánàá, ti wọ àyíká rẹ lónìí. Wọ́n tilẹ̀ fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò kú lójú ẹsẹ̀. Ohun tí bọ́tìnnì yìí wà fún kì í ṣe ẹ̀rù: bí o bá ti rí i pé ìṣẹ́jú yìí ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, o kò ní láti dúró kí ó tán, ìwọ ni yóò pa á, kí o lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù lọ ni ti bàbá àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná etíkun. Àwọn yòókù tí o bá pàdé a máa sọ ọ̀rọ̀ wọn kíákíá, nítorí pé ayé rẹ kò gùn; ṣùgbọ́n bàbá yìí ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn lójú ẹ̀rọ bí ìgbà tí omi ń kán, òǹkà ń lọ sílẹ̀ lókè, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè mú un yára. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ́wọ́, ikú yóò já ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà. Bí o bá kánjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, o kò ní í mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ dé òpin ní láti gba ọ̀nà tó tọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà láti orí ibùsùn, kí ó má gé igbó, kí ó má bá ẹnikẹ́ni jà, kí ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ dúró níwájú àgbàlagbà kan, kí ó sì tẹ́tí. Ọ̀rọ̀ ìṣúra tí a fi pamọ́ ni bàbá náà ń sọ. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, ó wà lábẹ́ ewé. Nínú géèmù tó bá fún ọ ní àkókò tí kò lópin, irú bàbá bẹ́ẹ̀ ì bá jẹ́ ẹlẹ́jọ́ lásán, ìwọ ì bá sì máa tẹ bọ́tìnnì láti fo ọ̀rọ̀ rẹ̀; òfin ìṣẹ́jú kan ló sọ sùúrù di ohun tó ní iye lórí. Ohun tí mo ń pè ní èrò tuntun nìyẹn: pé ìwà tí a ti ń hù nínú géèmù láìronú, bíi ká dúró gbọ́ ọ̀rọ̀, tún padà di ohun tí a ní láti yàn.

Minit ní ibi tó kù sí, n kò sì ní í bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tó kàn, kò sì sí ìwé tó ń ka iṣẹ́ tí o kò tíì ṣe. Ẹni tí géèmù ńlá ti kọ́ láti máa tẹ̀ lé àmì lè rìn yíká títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ti tẹ̀ léra tí o kò sì rí ohun tuntun kan, mọ̀ pé o ti ń tẹ ojú ẹsẹ̀ ara rẹ. Dúró, lọ jí nínú ilé mìíràn, kí o sì gba apá tí o kò tíì gbà rí. Bébà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wúlò púpọ̀, kí o kọ ohun tó dí ọ̀nà fún ọ síbẹ̀, kí o lè rántí padà síbẹ̀ nígbà tí ohun èlò bá yí padà lọ́wọ́ rẹ. Pẹ̀lú gbogbo èyí, wákàtí bíi méjì ló tó láti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kìíní. Ẹni tó bá sì parí rẹ̀ tí kò tíì yó, ìpele kejì wà tí wọ́n ti gé ìṣẹ́jú kan náà kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 40: ilẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rò pé òun mọ ọ̀nà yóò rí i pé ó kù díẹ̀ kí òun mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé kánjúkánjú ni gbogbo géèmù kékeré, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan A Short Hike, tí Adam Robinson-Yu, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, gbé jáde ní ọdún 2019. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí géèmù kan tó tóbi ju èyí lọ, iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó gbé e tì, ó sì fi oṣù díẹ̀ ṣe èyí. Ẹyẹ ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Claire ló wà ní ọgbà igbó kan níbi tí fóònù kò ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń retí ìpè kan, orí òkè nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: gun òkè. Kò sí ọ̀tá, kò sí ikú, kò sí òǹkà. Ohun tó ń ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ ni ìyẹ́ wúrà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń fi agbára kún agbára Claire láti fò tàbí láti lẹ̀ mọ́ ara àpáta. Bí ìyẹ́ rẹ bá kéré, ìwọ yóò já bọ́ kí o tó dé orí. Ìwọ yóò sì yà sí ẹ̀gbẹ́ láti wá òmíràn, níbẹ̀ ni ìwọ yóò ti bá ẹja pípa, eré ìje, àti àwọn tí wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ l'ejò ń gun àgbọn.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ohun tí géèmù ńlá ń fi ipá mú ọ ṣe, èyí ń fi í sílẹ̀ fún ọ láti ṣe bó bá wù ọ́. O lè gun òkè náà láàárín wákàtí kan àbọ̀, o sì lè fi òòrùn ọ̀sán gbogbo ṣeré nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí o bá dé orí, ìpè náà yóò wọlé, ìwọ yóò mọ ìdí tí Claire fi ń retí rẹ̀, géèmù náà kò sì ní í wá ọ̀nà láti dá ọ dúró mọ́. Ní ọdún 2020, òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú ìdíje àwọn géèmù tí àwọn olùṣe olómìnira ń ṣe, ìyẹn ẹ̀bùn Seumas McNally ní ayẹyẹ Independent Games Festival.

Èyí tó kúrú jù nínú àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ ni Passage, tí Jason Rohrer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2007. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò dín, kò lé. Ilẹ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ kò ju ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, ẹyọ àmì 100 ní gígùn, 16 péré ní gíga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró ní apá òsì, o sì ń fi í rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó wà níwájú rẹ̀ rí bàìbàì, ojú kò tó o. Bí ìṣẹ́jú ti ń lọ, ó ń sún mọ́ apá ọ̀tún, irun rẹ̀ ń funfun, ohun tó ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ló sì wá ń rí bàìbàì. Láìpẹ́ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ yóò pàdé obìnrin kan. Bí o bá fara kàn án, ẹ ti di tọkọtaya, ìlọ́po méjì ni èrè ìrìn yín yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni méjì kò lè gba àlàfo tóóró tí ẹnì kan lè gbà, nítorí náà àwọn àpótí ìṣúra kan wà nísàlẹ̀ tí ọwọ́ rẹ kò ní í tẹ̀ mọ́ láéláé. Bó bá pẹ́, obìnrin náà yóò kú, ìwọ náà yóò fa ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, ó parí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni sọ. Ní ọdún 2012, ilé ìṣọnà MoMA ní ìlú Níú Yọ́ọ̀kì kó géèmù 14 jọ sínú àwọn ohun tó ń tọ́jú, Passage sì wà lára wọn. Ẹni tó ti fi ọgọ́rùn-ún wákàtí ṣa ìṣúra nínú géèmù ńlá, tó wá dúró lẹ́nu àlàfo yẹn pẹ̀lú aya rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ìṣúra ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ òun.

Ṣùgbọ́n kíkúrú nìkan kò sọ géèmù di rere. Àìmọye ni wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún tó kúrú nítorí pé èrò inú wọn kò tó nǹkan, tàbí nítorí pé ó ti rẹ ẹni tó ń ṣe é kí ó tó dé ìdí rẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: bí o bá fẹ́ rà, gbìyànjú láti sọ òfin géèmù náà nínú gbólóhùn kan. Nípa Superhot tí àwọn ará ilẹ̀ Pólándì gbé jáde ní ọdún 2016, gbólóhùn náà ni pé àkókò kì í lọ àfi bí ìwọ bá ń rìn, ìbọn kì í dé àfi bí o bá mira. Bí gbólóhùn tìrẹ bá jẹ́ pé ó dà bíi géèmù báyìí, tí a fi ti báyìí kún un, kò sí òfin níbẹ̀, àwòkọ ni. Lẹ́yìn èyí, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdajì géèmù náà. Òfin tó dára a máa bímọ: ìdajì Minit kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí a fi ọ̀tá kún, nítorí pé ilé tuntun, bàbá tí ń fa ọ̀rọ̀, àti omi tó di ọ̀nà, inú ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo wọn ti jáde wá. Bí ìdajì géèmù bá jẹ́ ohun kan náà tó kàn le sí i, èrò rẹ̀ ti tán, àwọn tó ṣe é ni kò tíì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí àwa tó ń rà ti lè ṣe ìpalára láìmọ̀. Ní ọjà Steam, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn géèmù yìí wà, ẹni tó bá ra géèmù lè gba owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14, bí kò bá tíì ta á tó wákàtí méjì. Òfin rere ni fún géèmù tó gùn, nítorí pé wákàtí méjì yóò fi hàn bóyá ẹ̀rọ rẹ gbé e tàbí kò gbé e. Ṣùgbọ́n géèmù tó parí kí wákàtí méjì tó pé ńkọ́? Ní ọdún 2021, ẹni tó ń ṣe géèmù lábẹ́ orúkọ Emika Games gbé Summer of '58 jáde, géèmù adẹ́rùbani tó kúrú. Àwọn tó ta á yìn ín, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á gba owó wọn padà, nítorí pé kò gùn tó wákàtí méjì; ó sì kéde pé òun fi iṣẹ́ géèmù ṣíṣe sílẹ̀ fún àkókò tí òun kò lè sọ. Àwọn tó bá ń wo irú èyí á bẹ̀rẹ̀ sí í fa géèmù wọn gùn kí ó lè kọjá wákàtí méjì, wọn á fi ìrìn lásán kún un, wọn á fi ewé ṣíṣà kún un, títí ohun kékeré náà yóò fi ní àrùn tí a sá fún lára ohun ńlá.

Nítorí náà, ìwọ tí géèmù ti sú, má tíì ta ẹ̀rọ rẹ. Àwọn géèmù wọ̀nyí kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá, dátà tí wọ́n ń jẹ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ńlá. Minit wà lórí fóònù pàápàá, ọ̀fẹ́ sì ni Passage. Fi Passage bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Fi Minit tẹ̀ lé e ní ìrọ̀lẹ́ kan tí iṣẹ́ kò sí, kí o sì parí rẹ̀ kí o tó sùn. Fi A Short Hike sílẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi. Bí o bá parí èyí tí o fi owó rà, tó sì dùn mọ́ ọ, jẹ́ kí owó náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, òfin ọjà ì báà tilẹ̀ gbà ọ́ láyè láti gbà á padà. Òṣìṣẹ́ yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀, wákàtí méjì tó kún sì jẹ́ iṣẹ́ tó pé.